Bí a ṣe ń kọ̀ fún àlejò láì tàbùkù rẹ̀: Ìbéèrè láti lo gbọ̀ngàn ìjọsìn ní agbègbè Sanson

Àṣamọ̀

Pépà yìí ṣàlàyé bí àwọn tó ń bójú tó gbọ̀ngàn ìjọsìn ṣe lè kọ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ara ìjọ, tó fẹ́ lo gbọ̀ngàn náà fún ayẹyẹ tirẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ohun tó máa ń dun àlejò jù ni ìdáhùn tí kò jẹ́ kó mọ̀ pé a ti kọ̀. Mo lo àpẹẹrẹ kan láti Sanson, mo sì fi òfin ìjọ Kátólíìkì àti ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní Kánádà ní 2005 gbè é lẹ́sẹ̀.

1. Ìfáàrà

Sanson jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbègbè méje tó wà lábẹ́ Tchaourou, ní ìpínlẹ̀ Borgou ní orílẹ̀-èdè Benin. Àwọn mẹ́fà yòókù ni Tchaourou fúnra rẹ̀, Alafiarou, Bétérou, Goro, Kika àti Tchatchou. Àwọn Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Nàgó, àwọn Bàrùbá àti àwọn Fúlàní jọ ń gbé agbègbè yìí, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ sì wà láàárín wọn. Nítorí náà, ẹni tí a ń pè ní àlejò nínú pépà yìí lè má jẹ́ àjèjì ní ìlú rárá. Ó lè jẹ́ tíṣà tí ìjọba gbé wá síbẹ̀, ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí oníṣòwò, ó sì lè jẹ́ aládùúgbò tó ń jọ́sìn níbòmíràn. Àlejò ni ní ti pé kò sí nínú ìjọ tó ni gbọ̀ngàn náà.

Kò ṣòro láti mọ ìdí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ń béèrè. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, gbọ̀ngàn ìjọsìn ni ilé tí òrùlé rẹ̀ fẹ̀ jù, ìjókòó wà níbẹ̀, gbogbo èèyàn sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá ni òjò máa ń rọ̀ ní agbègbè yìí, ẹni tó bá sì ní ìnáwó lásìkò náà kò lè gbẹ́kẹ̀ lé ìta gbangba. Àgọ́ tí wọ́n ń háyà, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní bàṣì, ń gba owó, ìjì sì lè ká a kúrò. Ojú ẹni tó ń wá ibi tí yóò kó àlejò rẹ̀ sí kò lè ṣàì lọ sí gbọ̀ngàn.

Lójú tèmi, ẹ̀tọ́ láti kọ̀ kò sí lára ohun tí a ń jiyàn lé lórí. Òfin ìpìlẹ̀ Benin ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 sọ nínú abala kẹtàlélógún pé àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀sìn ní ẹ̀tọ́ láti dàgbà láìsí ìdíwọ́, pé wọn kò sí lábẹ́ àbójútó ìjọba, àti pé àwọn fúnra wọn ni yóò máa ṣètò ọ̀ràn wọn. Ìjọ tó sọ pé ìjọsìn nìkan ni gbọ̀ngàn òun wà fún kò rú òfin kankan. Bí yóò ṣe sọ ọ́ fún èèyàn tí wọn yóò tún jọ pàdé lọ́jà lọ́la ni iṣẹ́ tó kù.

2. Ohun tí a ń kọ̀, kì í ṣe ẹni tí a ń kọ̀

Kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ẹnu láti kọ̀, ó yẹ kí ìlànà kan ti wà nílẹ̀ ṣáájú kí àlejò tó dé. Ìlànà tí a bá ṣe lẹ́yìn tí a ti gbọ́ orúkọ ẹni tó ń béèrè kò lè dà bí ohunkóhun lójú rẹ̀ ju pé òun gan-an ni wọ́n ṣe é fún.

Ìlànà tó dára máa ń wo ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe nínú ilé náà. Òfin ìjọ Kátólíìkì tí wọ́n gbé jáde ní 1983 jẹ́ àpẹẹrẹ tó ṣe kedere. Òfin 1210 sọ pé kìkì ohun tó jẹ mọ́ ìsìn, ìfọkànsìn àti ẹ̀sìn ni a gbọ́dọ̀ gbà láyè ní ibi mímọ́, kò sì sí àyè fún ohunkóhun tí kò bá ìjẹ́mímọ́ ibẹ̀ mu. Òfin kan náà fi kún un pé aláṣẹ ìjọ, irú bíi bíṣọ́ọ̀bù, lè fàyè gba ìlò mìíràn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí kò bá ṣáà ti lòdì sí ìjẹ́mímọ́ ibẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé òfin náà kò sọ ohunkóhun nípa bóyá ará ilé tàbí ará ìta ló ń béèrè. Ọmọ ìjọ tó fẹ́ ṣe àsè nínú ṣọ́ọ̀ṣì yóò bá òfin kan náà pàdé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí nínú mọ́sáláṣí. A lè so yìgì níbẹ̀, ṣùgbọ́n hádíìsì kọ òwò ṣíṣe nínú mọ́sáláṣí, kódà ó kọ kí èèyàn máa kéde níbẹ̀ pé ohun òun sọnù. Ẹni tó ń tajà lè jẹ́ mùsùlùmí tó ń kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, síbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tajà níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù ró. Bí ìlànà wa bá sọ pé "a kì í fún ará ìta", a ti sọ fún àlejò pé ẹni tó jẹ́ ni ìṣòro. Bí ó bá sọ pé "a kì í ṣe àsè níbẹ̀", a ti gbé ìṣòro náà lé àsè lórí, ọlá àlejò sì wà bó ṣe wà. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ o. Ìjọ tó bá ti jẹ́ kí ọmọ ìjọ kan ṣe ìkómọ pẹ̀lú ìlù àti oúnjẹ nínú gbọ̀ngàn lọ́dún tó kọjá kò lè lo ìdí yìí mọ́. Gbogbo abúlé ló rí ìkómọ náà.

Ohun tí mo máa ń dábàá ni pé kí ìgbìmọ̀ kọ ìlànà náà sínú ìwé ìpàdé wọn ní gbólóhùn mẹ́ta péré, bí irú èyí: "Ìsìn àti ìpàdé ìjọ ni gbọ̀ngàn yìí wà fún. A kì í ṣe àsè tàbí ìpàdé ẹbí, ti ẹgbẹ́ tàbí ti òṣèlú nínú rẹ̀, ta ni ì báà béèrè. Ìgbìmọ̀ lápapọ̀ nìkan ló lè yí ìlànà yìí padà." Gbólóhùn kẹta ń gba olùtọ́jú gbọ̀ngàn là. Bí wọ́n bá wá bá a nílé lálẹ́, ó lè sọ tọkàntọkàn pé òun kò lágbára láti gbà.

3. Àwọn ìdáhùn mẹ́rin tó dà bí ọ̀wọ̀

Àwọn onímọ̀ ìlò-èdè ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tú ọ̀rọ̀ ìkọ̀ palẹ̀. Ní 1990, Beebe àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ méjì fi bí àwọn ará Japan àti àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń kọ̀ wéra. Wọ́n pín ọ̀rọ̀ ìkọ̀ sí ègé: ọ̀rọ̀ ìkẹ́dùn, ìdí, ìlérí, àbá mìíràn, àti ìkọ̀ gan-an. Ẹ̀kọ́ tó wúlò fún wa níbẹ̀ ni pé èèyàn lè lo gbogbo àwọn ègé yòókù kó má sì sọ ìkọ̀ gan-an síta. Láàárín àwọn tí wọ́n jọ dàgbà sínú àṣà kan náà, olùgbọ́ lè fi òye rẹ̀ dí àlàfo náà. Àlejò lè má lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn mẹ́rin ló máa ń fa wàhálà jù lọ. Àkọ́kọ́ ni "A máa wò ó" tàbí "Ẹ jẹ́ ká fi síwájú Ọlọ́run ná." Àgbàlagbà Nàgó tó bá gbọ́ ọ láti ẹnu àgbàlagbà Nàgó ẹgbẹ́ rẹ̀ lè mọ̀ pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n tíṣà tó ti gúúsù wá, tàbí Bàrùbá tí wọ́n ń bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, yóò gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ náà sọ gan-an: wọ́n ń wò ó, yóò padà wá gbọ́ èsì. Bí ọ̀rọ̀ bá sì gba ẹnu ògbufọ̀ kọjá, òwe àti ohùn pẹ̀lẹ́ ló kọ́kọ́ ń já bọ́ lójú ọ̀nà.

Èkejì ni "Gbọ̀ngàn kò ní ṣófo ní Sátidé yẹn." Bí kì í bá ṣe òótọ́, irọ́ la pa. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ pàápàá, kì í ṣe ìdí gan-an, àlejò yóò sì sọ pé: "Kò burú, ẹ jẹ́ ká sún un sí Sátidé tó tẹ̀ lé e." Níbẹ̀ a óò tún wá ìdí mìíràn, ẹni tó bá sì wá ìdí méjì fún ọ̀ràn kan ti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì.

Ẹ̀kẹta ni iye owó tí a gbé ga kó lè sá. Mo ti gbọ́ èyí láti ẹnu àwọn èèyàn tí wọ́n rò pé ọgbọ́n ni. Bí a bá sọ pé kó mú ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba (200,000) sẹ́fà wá, a ti sọ pé gbọ̀ngàn náà wà fún títà, iye rẹ̀ ló kù. Bó bá mú owó náà wá ńkọ́? Bí kò bá sì ní in, yóò lọ pẹ̀lú èrò pé nítorí pé òun tálákà ni wọ́n ṣe kọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni "Tí ó bá jẹ́ tèmi nìkan ni, ǹ bá gbà, àwọn àgbà ni kò fẹ́." Èyí ló dùn mọ́ni lẹ́nu jù, òun náà ló sì ń ba nǹkan jẹ́ jù. Ó gba ẹni tó ń sọ̀rọ̀ là, ó sì rán àlejò lọ sí ilé àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ìgbìmọ̀ ti ń bá ara wọn jà.

4. Àpẹẹrẹ kan: ìyá olóyè kú

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀ràn kan palẹ̀. Àpẹẹrẹ tí mo fi ń kọ́ni ni, kì í ṣe ìtàn ìjọ kan pàtó. Oṣù kẹjọ ni, òjò sì ń rọ̀. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Sanson, tí wọ́n sì fi oyè dá lọ́lá níbẹ̀, pàdánù ìyá rẹ̀. Kì í ṣe ara ìjọ. Ó fẹ́ gba nǹkan bí àádọ́jọ (150) èèyàn lálejò lẹ́yìn ìsìnkú, pẹ̀lú oúnjẹ, ọtí àti onílù. Ọjọ́ Sátidé ni, ó ku ọjọ́ mọ́kànlá. Kò wá fúnra rẹ̀. Ó rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, pé kó bá òun bẹ̀ wọ́n. Ó fi obì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún (20,000) sẹ́fà rán an.

Mo yan òkú ìyá nítorí pé ibẹ̀ ni kíkọ̀ ti le jù. Kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tó sọ "rárá" fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ohun tí yóò sì kọ́kọ́ wá sọ́kàn ìgbìmọ̀ ni pé kí wọ́n dá a dúró títí ìbànújẹ́ yóò fi fúyẹ́. Àánú tó léwu nìyẹn. Ọjọ́ mọ́kànlá ló ní láti wá àgọ́, àga àti àyè. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí a bá fi dá a dúró, lára ọjọ́ tirẹ̀ la ti yọ ọ́.

Ohun àkọ́kọ́ ni owó. Kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà tó kúrò níwájú olùtọ́jú gbọ̀ngàn, kí ó gba owó náà padà, kí ẹnì kan sì wà níbẹ̀ tó rí i. Obì lè dúró, nítorí obì ìkíni ni. Owó tó bá sùn mọ́jú nílé olùtọ́jú ti di owó gbọ̀ngàn, ohunkóhun tí a bá sì sọ lọ́jọ́ kejì, wọn yóò ní a ti gba owó kí á tó yí ọ̀rọ̀ padà.

Ohun kejì ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òun ni yóò gbé ìkọ̀ náà padà. Ọ̀gá rẹ̀ ni ọkùnrin yẹn. Bó bá gbé e, yóò rọ̀ ọ́ débi tí kò ní dà bí ìkọ̀ mọ́, tàbí kí ọ̀gá gbà pé òun ni kò bẹ̀bẹ̀ dáadáa. Kí wọ́n sọ fún un pé: "O ti jẹ́ iṣẹ́ rẹ. Àwa fúnra wa yóò lọ rí wọn ní ìrọ̀lẹ́ yìí." Kí ó sì ti mọ èsì náà kí ọ̀gá rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n, kó má bàa máa fọkàn ọ̀gá rẹ̀ balẹ̀ lásán.

Ohun kẹta ni ẹni tí yóò lọ. Èèyàn méjì ló dára: àgbàlagbà kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò kéré sí ti olóyè, àti ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀. Ilé olóyè ni wọ́n máa lọ, nítorí pé òfò ṣe é. Bí a bá ránṣẹ́ pè é wá gbọ́ pé a kò gbà, ìwọ̀sí ni. Bí a bá lọ kí i, ìkíni ni yóò ṣáájú, ìkíni náà sì jẹ́ òótọ́.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe lè lọ:

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Olóyè. Ọlọ́run á tẹ́ màmá sí afẹ́fẹ́ rere, ẹ̀yìn wọn á dára."

"Àmín o. Ẹ ṣeun, ẹ kú ìrìn."

"Iṣẹ́ tí ẹ rán sí wa dé ọ̀dọ̀ wa lówùúrọ̀ yìí. A dúpẹ́ pé ẹ ka ilé wa yẹ fún màmá yín. A kò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí ẹ má tíì gbọ́ èsì, torí a mọ̀ pé ètò wà níwájú yín. Olóyè, a kò lè fún yín ní gbọ̀ngàn náà fún àsè, ní Sátidé yẹn tàbí ní ọjọ́ mìíràn. Ìsìn nìkan ni a máa ń ṣe nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wa bá sin ìyá tirẹ̀, ìta náà ló ti máa ń gbàlejò."

"Háà. Kò tiẹ̀ sí bí ẹ ṣe lè ṣe é? Ẹ sọ iye tó bá jẹ́."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, sà. Kò sí iye tí a máa ń gbà. Ohun tí a lè ṣe ni pé a ní bẹ́ǹṣì ogún tó ṣeé gbé jáde. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, àwọn ọ̀dọ́ wa á gbé e wá láàárọ̀ Sátidé, wọ́n á sì wá kó o ní ìrọ̀lẹ́. Níbo lẹ tún ń wò fún àyè?"

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìkíni ló ṣáájú, ṣùgbọ́n kò gùn débi tí olóyè á fi máa retí ìròyìn ayọ̀. Gbólóhùn ìkọ̀ kò ní "bóyá" nínú, ó sì ti ilẹ̀kùn ọjọ́ mìíràn pẹ̀lú. Ìdí kan ṣoṣo ni wọ́n sọ, ìdí náà sì mú àwọn tó ń sọ ọ́ pẹ̀lú. Nígbà tí olóyè mẹ́nu ba owó, wọn kò wá ìdí kejì. Wọ́n dúró lórí ti àkọ́kọ́.

Àbá bẹ́ǹṣì náà ní ààlà tirẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi lọ̀ ọ́. Wọn kò sọ pé "ilé ìwé á gbà yín", torí ọ̀gá ilé ìwé ló ni ìdáhùn yẹn. Wọn kò sì fún un ní àgbàlá gbọ̀ngàn. Bí ó bá jẹ́ pé ìlù àti ọtí ni kò bá ibẹ̀ mu, kò lè bá ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí ẹnu ọ̀nà mu. Àlejò tó bá gbọ́ "ẹ má wọlé, ṣùgbọ́n ẹ lè wà níwájú ilé" yóò mọ̀ pé ìdí tí a sọ kò fìdí múlẹ̀, wọ́n á sì sá wọlé ní wàrà bí òjò bá dé.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn, "Níbo lẹ tún ń wò?", ni ohun tí a fi ń mọ̀ bóyá ìkọ̀ ti wọlé. Bí olóyè bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ibòmíràn, ó ti gbọ́. Bí ó bá sọ pé "Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á gba àdúrà, ìgbà wo ni kí n padà wá?", kò tíì gbọ́, ó sì yẹ kí wọ́n tún gbólóhùn náà sọ kí wọ́n tó dìde. Ó dára kí ìwé kékeré kan tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kejì, ní èdè tí olóyè ń kà, kí gbólóhùn ìkọ̀ sì wà nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ìwé náà kò gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹsẹ̀. Bí ìwé bá kọ́kọ́ dé ilé ọ̀fọ̀, àṣẹ ni yóò dà bí.

5. Nígbà tí a ti gbà tẹ́lẹ̀: ẹjọ́ kan ní Kánádà

Ohun tí mo ti sọ títí di ìsinsìnyí jẹ́ ti ìbéèrè tí a kò tíì dáhùn. Ọ̀ràn tó le jù ni ti ìjọ tó ti sọ "bẹ́ẹ̀ ni" kó tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi gbọ̀ngàn ṣe. Ẹjọ́ kan wà lórí irú èyí tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kún, èyí sì mú kí n gbà pé ó yẹ ká rìn jìnnà díẹ̀ kúrò ní Benin.

Ní 2003, ní ìlú Port Coquitlam, ìpínlẹ̀ British Columbia, obìnrin méjì tí wọ́n fẹ́ fẹ́ ara wọn háyà gbọ̀ngàn kan fún àsè ìgbéyàwó wọn. Díósíìsì Kátólíìkì ló ni ilé náà, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin Kátólíìkì tí wọ́n ń pè ní Nàìtì ọ́fù Kọ̀lọ́ńbọ́ọ̀sì ló sì ń bójú tó o. Wọ́n ti san owó, wọ́n sì ti fi ìwé ìpè ránṣẹ́, kí ẹgbẹ́ náà tó mọ̀ pé obìnrin méjì ni wọ́n. Ẹgbẹ́ náà fagi lé àdéhùn. Ọ̀ràn dé iwájú ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ìpínlẹ̀ náà, wọ́n sì dájọ́ ní 2005.

Ìdájọ́ náà ní apá méjì, apá kejì ló sì kàn wá. Apá kìíní sọ pé ẹgbẹ́ náà ní ẹ̀tọ́ láti má ṣe fàyè gba ohun tó lòdì sí ìgbàgbọ́ wọn gan-an nínú gbọ̀ngàn náà. Apá kejì sọ pé síbẹ̀, wọ́n jẹ̀bi nítorí bí wọ́n ṣe kọ̀. Wọn kò ro bí yóò ṣe rí lára àwọn obìnrin náà. Ilé ẹjọ́ ka ohun tí ó yẹ kí wọ́n ti ronú láti ṣe: kí wọ́n pàdé àwọn obìnrin náà, kí wọ́n ṣàlàyé, kí wọ́n tọrọ àforíjì, kí wọ́n dá owó tí wọ́n ti ná padà fún wọn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì bá wọn wá ibòmíràn. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ náà san ẹgbẹ̀rún kan (1,000) dọ́là ilẹ̀ Kánádà fún obìnrin kọ̀ọ̀kan fún ìwọ̀sí tó bá wọn, yàtọ̀ sí owó tí wọ́n ti ná.

Òfin Kánádà kò dé Sanson, n kò sì mú ẹjọ́ náà wá láti fi sọ ohun tí ilé ẹjọ́ kan ní Parakou yóò sọ. Mo mú un wá nítorí pé àwọn adájọ́ jókòó, wọ́n sì ya ẹ̀tọ́ láti kọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà tí a gbà kọ̀, wọ́n wá ka ohun tó yẹ kó wà nínú ọ̀nà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ohun tí wọ́n kà kò jìnnà sí ohun tí àgbàlagbà kan ní abúlé yóò sọ: lọ rí wọn, sọ òótọ́, tọrọ gáfárà, má jẹ́ kí wọ́n pàdánù nítorí rẹ, bá wọn wá ọ̀nà.

Ohun tó yàtọ̀ níbẹ̀ ni gbèsè tí "bẹ́ẹ̀ ni" àkọ́kọ́ máa ń dá síni lọ́rùn. Ìjọ tí kò tíì gbà jẹ àlejò ní èsì kíákíá àti ọ̀rọ̀ rere. Ìjọ tó ti gbà, tó wá yí i padà, jẹ ẹ́ ní owó káàdì tó ti tẹ̀, owó ìpè, àti ìrìn àjò láti wá àyè mìíràn. Nítorí náà, kí olùtọ́jú gbọ̀ngàn tó sọ ohunkóhun, ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni: "Kí ni ẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀?" Ìbéèrè yìí kò ná an ní nǹkan kan, òun náà ni kì í sì jẹ́ kí ó gbà lónìí kó wá kọ̀ lọ́la.

6. Ìkádìí

Àwọn Yorùbá ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Mo gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ nínú ọ̀ràn yìí, ọ̀rọ̀ rere kò dọ́gba pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rírọ̀. Ọ̀rọ̀ rere ni èyí tí àlejò lè fi ṣe ètò: ó dé lọ́jọ́ kan náà, ìdí kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ìdí náà ṣáájú àlejò, ó sì mú ọmọ ilé náà. Ohùn pẹ̀lẹ́ àti ìkíni wà yí i ká, wọn kò sì gba ipò rẹ̀.

Ọ̀nà yìí ní ibi tó mọ. Kò lè ṣèdíwọ́ fún kí inú olóyè bàjẹ́. Bí ìdílé tó fún ìjọ ní ilẹ̀ bá wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n sì ń sọ pé "àwa la fún yín ní ibi tí ẹ kọ́lé sí", ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ìbéèrè fún gbọ̀ngàn, ó ti di ọ̀ràn ilẹ̀. Àdéhùn tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n gba ilẹ̀ náà ló lè yanjú rẹ̀, ọgbọ́n ẹnu kò lè yanjú rẹ̀. Kò sì wúlò rárá fún ìjọ tó ti ń háyà gbọ̀ngàn rẹ̀ fún gbogbo èèyàn, tó wá fẹ́ yọ ẹnì kan sílẹ̀. Irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ní láti kọ́kọ́ pinnu ohun tí ilé rẹ̀ jẹ́.

Ohun kan ṣì kù tó yẹ kí ìgbìmọ̀ kọ sílẹ̀ nínú àpẹẹrẹ wa, ìyẹn orúkọ ẹni méjì tí yóò lọ sí ìsìnkú ìyá olóyè ní Sátidé. Kí wọ́n dé ní wákàtí tí àwọn yòókù dé, kí wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn ọ̀dọ́ wọn gbé wá, kí wọ́n sì dúró títí wọn yóò fi kí olóyè kú àṣẹ̀yìndè. Ibẹ̀ ni gbogbo ìlú yóò ti rí i pé àsè nínú gbọ̀ngàn ni wọ́n kọ̀, àti pé wọn kò kọ olóyè.